Iye Ajílẹ̀ Tó Yẹ Oko Àgbàdo: Láti Inú Ìwé Àyẹ̀wò Ilẹ̀ Dé Ẹnu Àpò

Ní Òkè-Ògùn àti ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbọ́ nípa ajílẹ̀ àgbàdo kò ju gbólóhùn kan lọ: àpò NPK méjì sí éékà kan, kí a fi yúríà lé e tó bá yá. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́. Ní oko kan, ohun tí ìṣirò máa gbé jáde nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní oko kejì tí kò jìnnà sí i, apá kan owó yẹn ń ṣòfò, nítorí èròjà tí àgbẹ̀ ń rù wá síbẹ̀ ti pọ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ oko méjèèjì. Ìwé èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ ló lè fi í hàn, bí ẹni tó gbà á bá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nọ́ńbà inú rẹ̀ di iye àpò.

Oko àgbàdo hẹ́kítà kan la ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hẹ́kítà kan jẹ́ ilẹ̀ tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 100, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 100. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àbọ̀. Ẹ fi okùn tí a ti wọ̀n wọn oko yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tó pe ilẹ̀ tí kò pé hẹ́kítà ní hẹ́kítà kan ti ba gbogbo ìṣirò tó kù jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí orí ìwọ̀n ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ohun tí nọ́ńbà ara àpò ń sọ

Nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n kọ sára àpò ajílẹ̀, bíi 15-15-15 tàbí 20-10-10, ń sọ iye èròjà tó wà nínú ọgọ́rùn-ún kìlò ajílẹ̀ náà. Èyí àkọ́kọ́ ni náítírójìn, èyí tó mú kí ewé tutù kó sì gbòòrò. Èkejì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tí gbòǹgbò àti ọmọ àgbàdo nílò. Ẹ̀kẹta ni pòtáṣíọ̀mù, tó ń mú pòròpórò le, tó sì ń jẹ́ kí ewé lè fara da ọ̀dá. Kìlò 50 ni àpò tiwa, nítorí náà ìdajì nọ́ńbà yẹn ló wà nínú àpò kan. Àpò 15-15-15 kan ní kìlò 7.5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan èròjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpò 20-10-10 ní kìlò 10 náítírójìn, kìlò 5 àti kìlò 5. Yúríà jẹ́ 46-0-0: kìlò 23 náítírójìn ló wà nínú àpò rẹ̀, kò sì sí èyí tó kù níbẹ̀ rárá.

Ọ̀fìn kan wà níbí tí àwọn tó kàwé gan-an ń jìn sí. Nọ́ńbà kejì tó wà lára àpò kì í ṣe ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan. Ti P2O5 ni, ìyẹn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pẹ̀lú atẹ́gùn ọ́síjìn tó so mọ́ ọn. Bákan náà, nọ́ńbà kẹta jẹ́ ti K2O. Àṣà àtijọ́ ni, ó sì ti di òfin ọjà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ilé àyẹ̀wò lè kọ ìmọ̀ràn tirẹ̀ ní P àti K lásán. Tí ẹ bá rí P, ẹ fi 2.29 sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó di P2O5. Tí ẹ bá rí K, ẹ fi 1.2 sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó di K2O. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé kí ẹ lo P kìlò 16. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó P2O5 kìlò 37, tí yóò gba bí àpò 15-15-15 márùn-ún. Ẹni tó bá ka 16 náà sí P2O5 yóò ra àpò méjì àti díẹ̀, oko yóò sì rí ohun tí kò tó ìdajì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà tí wọ́n kọ.

Ìwé èsì, àti àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú kíkà á

Èsì kò lè dára ju erùpẹ̀ tí a gbé lọ. Ẹ rìn káàkiri oko ní kọ́lọkọ̀lọ, kí ẹ wa erùpẹ̀ ní ojú 15 sí 20, láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike tó mọ́. Ẹ yẹra fún ibi tí wọ́n ti dáná sun igbó jọ, ibi òkìtì ọ̀gán, abẹ́ igi àti ibi tí màlúù ti máa ń sùn. Ẹ̀kúnwọ́ kan láti irú ibẹ̀ lè gbé pòtáṣíọ̀mù gbogbo oko ga lórí ìwé. Ẹ po ó pọ̀ dáadáa, kí ẹ sá a sábẹ́ òjìji, kí ẹ bu bí ìdajì kìlò sínú ọ̀rá, kí ẹ sì kọ orúkọ oko àti ọjọ́ sí i. Ní Ìbàdàn, IAR&T tó wà ní Àpáta àti IITA ní ilé àyẹ̀wò ilẹ̀. Tí apá kan oko bá jẹ́ iyanrìn, tí apá kejì sì jẹ́ ilẹ̀ dúdú, àyẹ̀wò méjì ni ẹ nílò.

Ká ní èsì oko wa dé báyìí: pH 6.1, náítírójìn àpapọ̀ 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún; fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 6 mg/kg ní ọ̀nà Bray; pòtáṣíọ̀mù 0.16 cmol/kg. pH yẹn dára fún àgbàdo. Ká ní kò tó 5.5 ni, a ó kọ́kọ́ ronú nípa ẹfun ilẹ̀, nítorí nínú ilẹ̀ tó kan púpọ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí a fowó rà máa ń so mọ́ irin àti alumíníọ̀mù inú erùpẹ̀, gbòǹgbò kò sì ní lè fà á.

Ìpín tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ni pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì Bray tí kò tó 8 mg/kg kéré, láti 8 dé 20 mọ níwọ̀n, èyí tó ju 20 lọ sì pọ̀. Ní ti pòtáṣíọ̀mù, èyí tí kò tó 0.2 cmol/kg kéré, èyí tó ju 0.4 lọ sì pọ̀. Èròjà méjèèjì kéré ní oko wa.

Níbí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ tó mọ ìṣirò á sọ pé: erùpẹ̀ òkè nínú hẹ́kítà kan wọn bíi mílíọ̀nù méjì kìlò, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 6 mg/kg sì túmọ̀ sí kìlò 12, nítorí náà kí n yọ 12 yẹn kúrò nínú ohun tí àgbàdo fẹ́. Ìsọdipúpọ̀ náà pé, ṣùgbọ́n ìyọkúrò yẹn kò tọ̀nà. Omi kẹ́míkà tí wọ́n dà sí erùpẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò kò ka gbogbo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀, kò sì ka èyí tí àgbàdo yóò rí mu gan-an. Ohun tó ń sọ ni bóyá oko irú èyí sábà máa ń dáhùn nígbà tí a bá fi ajílẹ̀ sí i. Bí ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà ló rí: ó máa ń sọ pé ara gbóná, kì í sọ iye oògùn tó wà nínú ara. Nítorí náà, ìpín kékeré, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tàbí púpọ̀ ni ẹ ó mú lọ sínú ìṣirò, ẹ kò ní mú kìlò 12 yẹn lọ.

Ti náítírójìn tún burú jù bẹ́ẹ̀. Náítírójìn 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù méjì kìlò erùpẹ̀ jẹ́ kìlò 1,600, tó lè mú kí ènìyàn rò pé kò sí ìdí láti ra yúríà mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n inú ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ sì ń tú kìkì bí ìdá 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé, fún náítírójìn, ẹlẹ́rìí tó dára ju ìwé lọ ni ilẹ̀ tóóró kan nínú oko yín tí ẹ kò fi ajílẹ̀ kankan sí. Ohun tí ilẹ̀ yẹn bá mú jáde ni agbára tí ilẹ̀ yín ní fúnra rẹ̀.

Ohun tí àgbàdo ń kó lọ

Ẹ mú ìkórè tí ẹ ń retí, kí ó jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè tẹ̀. Fún oko wa, ká sọ pé tọ́ọ̀nù 3 ọkà gbígbẹ, ìyẹn bí àpò 30 tó jẹ́ kìlò 100. Tọ́ọ̀nù ọkà àgbàdo kan máa ń gbé bíi kìlò 15 náítírójìn, kìlò 6 P2O5 àti kìlò 5 K2O jáde nínú oko. Tọ́ọ̀nù 3 yóò gbé kìlò 45, 18 àti 15 lọ.

Ọkà nìkan nìyẹn o. Pòròpórò ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì jẹ́ ti pòtáṣíọ̀mù. Tọ́ọ̀nù pòròpórò gbígbẹ kan lè ní K2O tó kìlò 15 sí 20, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ohun tó wà nínú tọ́ọ̀nù ọkà kan. Àgbẹ̀ tó jẹ́ kí pòròpórò jẹrà sí oko ń dá èyí padà fún ilẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá kó o fún màlúù tàbí tí wọ́n fi ṣe ọgbà, ó ti lọ. Tí wọ́n bá sun ún, náítírójìn bá èéfín lọ, pòtáṣíọ̀mù wà nínú eérú, òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ sì lè wọ́ ọ lọ sódò. Mo rí i lọ́pọ̀ ibi pé oko tí wọ́n ti ń kó pòròpórò rẹ̀ lọ́dọọdún ló máa ń fi etí ewé ìsàlẹ̀ tó jóná hàn, bí ìgbà tí ooru iná bá kàn án. Àmì àìtó pòtáṣíọ̀mù nìyẹn.

Ìṣirò náà gan-an

Ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú náítírójìn, nítorí òun ló yàtọ̀. Kì í ṣe ohun tí ọkà gbé lọ nìkan la ó kà, bí kò ṣe ohun tí gbogbo igi àgbàdo gbọ́dọ̀ mu kí ó tó lè so ọkà yẹn: bíi kìlò 22 fún tọ́ọ̀nù ọkà kan. Tọ́ọ̀nù 3 yóò mu kìlò 66. Ká ní ilẹ̀ tóóró tí a kò fi ajílẹ̀ sí mú tọ́ọ̀nù 1 jáde lórí hẹ́kítà. Ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ pèsè kìlò 22. Ó ku 44. Nínú náítírójìn tí a dà sóko, bí ìdajì ni àgbàdo ń rí mu bí a bá ṣe é dáadáa. Ìyókù ń bá omi wọlẹ̀ tàbí ó ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi 0.5 pín 44, ẹ ó rí kìlò 88. Tí ẹ kò bá ní ilẹ̀ ìdánwò, ẹ ronú padà sí ọdún tí owó ajílẹ̀ kò sí lọ́wọ́, kí ẹ rántí ohun tí oko mú wá.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtáṣíọ̀mù rọrùn jù. Níbi tí àyẹ̀wò bá ti mọ níwọ̀n, a ó dá ohun tí ọkà kó lọ padà. Níbi tó bá kéré, a ó dá ìlọ́po méjì rẹ̀ padà, kí ilẹ̀ lè máa gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá pọ̀, a lè fo ọdún náà, kí àgbàdo máa jẹ nínú ohun tó wà nílẹ̀. Ìlànà ìṣàkóso ni èyí, kì í ṣe òfin àdámọ́, ìdí sì nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ní oko wa, méjèèjì kéré: P2O5 di 18 lọ́nà 2, ìyẹn 36, K2O di 15 lọ́nà 2, ìyẹn 30.

Ohun tí a fẹ́ rà ni 88-36-30. Ìbéèrè tó kàn ni èwo nínú èròjà la ó fi wọn NPK. Ẹ máa fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, nítorí yúríà lè dí àlàfo náítírójìn tó bá ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò lè dí ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ìlànà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ajílẹ̀:

```
kìlò ajílẹ̀ = kìlò èròjà × 100 ÷ nọ́ńbà ara àpò

NPK 15-15-15:  36 × 100 ÷ 15 = 240
náítírójìn tó kù:  88 − 37.5 = 50.5
yúríà:  50.5 × 100 ÷ 46 = 110
```

Kìlò 240 kò pé àpò 5. Ẹ ra 5, ìyẹn kìlò 250. Àpò márùn-ún yìí ti gbé kìlò 37.5 wá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan èròjà, ìdí nìyẹn tí a fi yọ 37.5 kúrò nínú náítírójìn. K2O lé ní 7.5 lórí ohun tí a fẹ́, kò sì burú, pàápàá tí pòròpórò bá ń lọ. Yúríà kìlò 110 jẹ́ àpò méjì àti kìlò 10. Tí ẹ bá fi 2.5 pín gbogbo rẹ̀, ẹ ó rí àpò NPK méjì àti yúríà kìlò 44 sí éékà kan. Ìmọ̀ràn tí àwọn àgbẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn.

Ẹ wá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà nínú ìwé èsì: kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì di 25 mg/kg, bí ó ti sábà máa ń rí ní oko tí ó wà nítòsí ilé, níbi tí wọ́n ti ń da ìgbẹ́ adìẹ sí fún ọdún púpọ̀. Ní oko yẹn, a kò nílò P2O5 lọ́dún yìí. Yúríà yóò jẹ́ 88 lọ́nà 100, kí a fi 46 pín in: kìlò 191, kò pé àpò 4. Pòtáṣíọ̀mù kìlò 30 wà nínú àpò kan ṣoṣo ajílẹ̀ pòtáṣì tó jẹ́ 0-0-60. Gbogbo rẹ̀ kò pé àpò márùn-ún, dípò méje àti díẹ̀. Àgbẹ̀ tó tẹ̀lé àpò méjì sí éékà níbẹ̀ ń ra kìlò 37.5 P2O5 tí àgbàdo rẹ̀ kò ní fi hàn nínú ọkà.

Nígbà tí ajílẹ̀ méjì bá lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ má fi owó àpò wé owó àpò. Ká ní 20-10-10 nìkan ló wà lọ́jà: P2O5 36 yóò gba kìlò 360, àpò méje àti kìlò 10, náítírójìn inú rẹ̀ yóò sì jẹ́ 72, kí yúríà kìlò 35 parí rẹ̀. Ẹ ṣírò owó gbogbo ohun tí oko fẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ tó yan èyí tó dín.

Láti àpò dé ìdí àgbàdo

Ìṣirò tó dára lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ìka mẹ́ta bu ajílẹ̀. Tí ẹ bá gbin àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 50, méjì sí ojú ihò kan, ihò 26,667 ló wà nínú hẹ́kítà. Kìlò 250 NPK tí a pín sí wọn jẹ́ gíráàmù 9.4 fún ihò kan. Yúríà kìlò 110 jẹ́ gíráàmù 4.1. Ìdérí ìgò ọtí ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì dára, kìkì kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín: ẹ bu ìdérí 100 tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ fi 100 pín in. Tó bá jẹ́ gíráàmù 470, ìdérí kan jẹ́ 4.7, ìdérí méjì sì ni NPK yín. Ẹ wọn yúríà lọ́tọ̀, nítorí ó fúyẹ́ ju NPK lọ.

Ẹ lo NPK nígbà gbígbìn tàbí kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, yúríà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, kí òdòdó àgbàdo tó yọ. Ní oko kejì tí kò gba NPK, ẹ pín yúríà sí méjì, kí ẹ lo apá kan ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 sí ìdí igi, kí ẹ sì bò ó. Yúríà tí a fọ́n sórí ilẹ̀ gbígbóná láìbò ó máa ń di amóníà, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Tí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n láti ṣóńṣó rẹ̀ wá sí àárín bíi lẹ́tà V, náítírójìn kò tó; tí ọ̀gbìn kékeré bá pọ́n bí àlùkò létí ewé, ẹ fura sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àmọ́ òtútù àti gbòǹgbò tí kòkòrò jẹ náà lè fa irú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ wọn ọkà ilẹ̀ tóóró tí ẹ kò fi ajílẹ̀ sí lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé èsì kan náà. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni kí ẹ wa erùpẹ̀ àyẹ̀wò tuntun, kí ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kan náà tó ń lo ọ̀nà Bray kan náà, kí èsì lè wà lọ́wọ́ yín kí òjò oṣù Kẹta tó bẹ̀rẹ̀.